Àwọn tó ń pè mí kì í gbọ́ ohùn mi: ṣé máìkì fóònù ló bàjẹ́?

*Sámúsọ́ǹgì ni mò ń lò, Ìkòròdú ni mo wà. Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi kí n tó gbé e lọ fún oníṣẹ́?*

Ẹ kọ́kọ́ yẹ íápíìsì wò, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ohùn ẹni tó pè yín, kẹ́ ẹ má bàa ṣì í mú fún máìkì. Ẹ tẹ `*#0*#` níbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ nọ́ńbà; lórí ọ̀pọ̀ Sámúsọ́ǹgì, àtẹ ìdánwò á ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ `Receiver`, kẹ́ ẹ gbé fóònù sétí. Bí ìró rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ìdọ̀tí ló sábà máa ń dí àwọ̀n íápíìsì. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá a, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un.

Àmọ́ etí nìyẹn. Ti máìkì, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀búté gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sínú `Voice Recorder`: ohùn wọn jìnnà réré. Mo fi ìka dí ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ṣájà, mo tún gbà á: kò yí padà rárá. Ihò yẹn ò gba nǹkan kan mọ́ nìyẹn. Nígbà tá a pe èèyàn lórí sípíkà, onítọ̀hún gbọ́ wọn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń lo máìkì òkè nígbà yẹn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, eruku ti dì síbẹ̀. Mo gbá a kúrò, ohùn padà.

Bí ohùn tẹ́ ẹ gbà bá já gaara, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ máìkì. Ẹ kọ́kọ́ pa Bulutúùtù, kẹ́ ẹ sì fi síìmù mìíràn pè.