Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi fẹ́ràn àròkọ gígùn, tí tísà méjì ò sì fẹnu kò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo kọ àròkọ kan tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò ju 250 lọ, kọ̀ǹpútà fún mi ní 3 nínú 6. Mo wá fa àwọn gbólóhùn ẹ̀ gùn, mi ò fi èrò tuntun kankan sí i o, ó di bíi 600, ló bá fún mi ní 5. Mo gbé èyí tó kúrú fún tísà méjì, ọ̀kan fún mi ní 5, èkejì ní 3. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ mi nìyí, mo ti máàkì àròkọ títí ojú fi ń ro mí, mo sì ti bá àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní máàkìn jókòó, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún kọ̀ǹpútà pé báyìí ni àròkọ tó dáa ṣe ń rí. Àròkọ tí àwa èèyàn ti máàkì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á kó jọ rẹpẹtẹ, wọ́n á kó o fún un pẹ̀lú máàkì tá a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lọ wá ohun tó máa ń bá máàkì ńlá rìn. Ohun tó sì rọrùn jù fún un láti rí ni iye ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1966 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ellis Page ti ń fi kọ̀ǹpútà máàkì àròkọ ní Amẹ́ríkà. Òun fúnra ẹ̀ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò lè wo òye lójú, ó wá ní kí wọ́n máa ka àwọn nǹkan tó sábà máa ń tẹ̀ lé òye, bíi gígùn àròkọ, gígùn ọ̀rọ̀, iye kọ́mà, bí ẹni tí ò rí iná àmọ́ tó ń wo èéfín. Fún gígùn àròkọ, ìṣirò kan tó gbajúmọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí ni kéèyàn wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tá a bá kọ ọ́ nígbà mẹ́rin, ká sì sọ wọ́n di púpọ̀ lórí ara wọn, iye ọ̀rọ̀ inú àròkọ ló máa bọ́ sí. 3 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 81, 4 jẹ́ 256, 5 jẹ́ 625. Wò ó dáadáa: láti kúrò lórí 3 bọ́ sórí 4, ọ̀rọ̀ 175 péré lo máa fi kún un, àmọ́ láti 4 dé 5, ó di 369. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló ń mówó wọlé jù, tó bá yá èrè ẹ̀ á máa dín kù, bó sì ṣe máa ń rí lọ́wọ́ àwa èèyàn náà nìyẹn, torí ẹni tó kọ ìlà mẹ́rin máa pàdánù gan-an lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ojú ìwé márùn-ún ò fi bẹ́ẹ̀ jù ẹni tó kọ mẹ́rin lọ.

Tìẹ kúrò ní bíi 4 bọ́ sí bíi 5 lórí ìṣirò yẹn. Mi ò sọ pé èyí tí o lò ń ṣe ìṣirò kan náà gẹ́lẹ́ o, àwọn tuntun le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ máàkì èèyàn náà ni wọ́n ṣì fi kọ́ wọn. Gígùn nìkan sì kọ́ ló gbé ẹ débẹ̀. Ká ní orí fóònù ní kíláàsì lo kọ ọ́ lé, tí o sì kọ́kọ́ kọ pé "Ọmọ tí ò gbọ́ ohun tí tísà sọ lè fi fóònù gbà á sílẹ̀, kó tún un gbọ́ nílé." O wá fà á gùn báyìí: "Kò sí àní-àní pé, nínú ayé òde òní, fóònù jẹ́ ohun èlò tó ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí náà, ọmọ tí ò bá gbọ́ ohun tí tísà sọ lè lò ó láti gbà á sílẹ̀, kí ó sì tún un gbọ́ nígbà tí ó bá délé." Èrò kan náà ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti rí "nítorí náà", ó rí kọ́mà púpọ̀, ó rí gbólóhùn tó gùn tí gírámà ẹ̀ ò sì ṣẹ́, gbogbo ìyẹn sì máa ń wà nínú ìwé àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ. Kò bi ara ẹ̀ pé kí ni "nítorí náà" yẹn so pọ̀ mọ́ kí ni. (Kò so nǹkan kan.)

Kì í ṣe irọ́ pé ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu máa ń kọ púpọ̀ tí wọ́n bá fún gbogbo èèyàn ní ààbọ̀ wákàtí kan náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbà táwọn èèyàn ò tíì mọ̀ pé gígùn ni wọ́n ń kà ló jẹ́ òótọ́, gbàrà tí o ti mọ̀, tí o sì ń bu omi sí i bí o ṣe ṣe yìí, èéfín ti wà láìsí iná.

Ó wá ku àwọn tísà méjì. Ní 1961, olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Paul Diederich àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó àròkọ 300 fún èèyàn 53, tísà wà níbẹ̀, lọ́yà wà níbẹ̀, oníṣòwò náà wà níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n pín in sí ipò mẹ́sàn-án bó bá ṣe wù wọ́n. Kò sí àròkọ kan tí ò gba ó kéré tán máàkì márùn-ún tó yàtọ̀ síra, àwọn kan tiẹ̀ gba gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán! Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ márùn-ún ni àwọn tó ń máàkì: àwọn kan ń wá èrò, àwọn kan ń wá àṣìṣe gírámà àti sípẹ́lì, àwọn kan ń wo bó ṣe tò, àwọn kan ń wo bó ṣe yan ọ̀rọ̀, àwọn kan sì ń wá adùn àti ohùn ẹni tó kọ ọ́. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé tísà tó fún ẹ ní 5 ń wá èrò, èyí tó fún ẹ ní 3 ń wá ibi tí o ti ṣàlàyé èrò yẹn délẹ̀, kò sì rí i ní ọ̀rọ̀ 250. Èmi náà ti tún ìwé kan máàkì lọ́jọ́ kejì láìmọ̀, mo fún un ní 4, àṣé 3 ni mo fún un lánàá, nígbà tó tẹ̀ lé ìwé méjì tó dáa gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ àwọn tísà ti pàdé gan-an rèé. Èrò ni àwa èèyàn ti ń jà jù, ẹni kan á gbé e sókè, ẹnì kejì á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá da máàkì wa pọ̀ fún kọ̀ǹpútà, ìjà yẹn á pa ara ẹ̀ rẹ́. Ohun tí ò fi bẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni pé ìwé kún, ó sì ṣàn. Ìyẹn ló wá ṣẹ́ kù tí kọ̀ǹpútà lè kọ́. Ibi táwa ti fẹnu kò ló dì mú, kì í ṣe ibi táwa ti ń wo nǹkan tó ṣe pàtàkì jù.

Tó o bá fẹ́ mọ irú èyí tí o lò, yí ìpínrọ̀ àárín padà, kí ìkẹta ṣáájú ìkejì, kí àlàyé má bára mu mọ́, kó o tún fún un. Tí máàkì ò bá yí padà, á jẹ́ pé kò ka àlàyé ẹ rárá. Má lo ọgbọ́n kí o kàn da ìpínrọ̀ kan kọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ wọn ti ń mú ìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló máa máàkì ẹ lóòótọ́, jẹ́ kó gùn, àmọ́ fi àpẹẹrẹ kejì gùn ún, ìgbà wo ni ọmọ yẹn gba ohùn tísà sílẹ̀, kí ló rí nínú ẹ̀, torí ìyẹn á wúlò lọ́wọ́ èèyàn náà. Ní ti àwọn tísà, 5 àti 3 jìnnà síra jù. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, tí máàkì méjì bá fi ju 1 lọ yàtọ̀ síra, ẹnì kẹta á kà á láìrí ohun táwọn méjì àkọ́kọ́ kọ. Lọ wá ẹnì kẹta yẹn, kó o sì bo 5 àti 3 náà mọ́lẹ̀ kó o tó fún un.