Ìdí tí Máàkù 9:29 fi yàtọ̀ nínú Bíbélì méjèèjì

"Ọ̀rẹ́ mi, gbà mí o. Bíbélì ìyá mi ní Máàkù 9:29 sọ pé irú ẹ̀mí yẹn kì í jáde àfi nípa àdúrà àti ààwẹ̀, èyí tó wà lórí fóònù mi ní àdúrà nìkan. Alàgbà kan ní kíláàsì ní ṣe ni wọ́n ń yọ ààwẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Èwo ni ká wá gbà báyìí?"

Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan, ọ̀rẹ́ mi. Ìwé Gíríìkì tí wọ́n fi túmọ̀ méjèèjì ni kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan lára àwọn tó túmọ̀ kò gbọ́ Gíríìkì tàbí kò gbọ́ Yorùbá.

Wò ó báyìí. Máàkù fúnra rẹ̀ kọ ìwé rẹ̀, ìwé ọwọ́ rẹ̀ yẹn ti pòórá tipẹ́. Àdàkọ ló kù sílẹ̀, àdàkọ tí wọ́n dà látinú àdàkọ, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà náà. O mọ bí àwọn kọ́yà wa ṣe máa ń da orin kọ sínú ìwé kékeré wọn, tí ẹnì kan á fi ègbè kan kún un torí pé ohùn ara rẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, tó bá wá di pé ẹlòmíràn ya ìwé yẹn, òun náà á da ègbè yẹn kọ, kò ní mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Máàkù 9:29 nìyẹn, ó kéré tán bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé wọ̀nyí wò ṣe rí i nìyẹn.

Ìwé méjì tó lọ́jọ́ lórí jù lára àwọn Bíbélì Gíríìkì tó fẹ́ẹ̀ẹ́ pé ni Kódéèsì Fatikáànù, tó wà nílé ìkàwé Póòpù ní Róòmù, àti Kódéèsì Sínáì, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n kọ méjèèjì. Nínú Fatikáànù, ẹsẹ yẹn dúró sí "àdúrà", ó parí. Nínú ti Sínáì náà, ẹni tó kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ dúró sí "àdúrà", àmọ́ nígbà tó yá ọwọ́ ẹlòmíràn tó ń tún ìwé náà ṣe wá fi "àti ààwẹ̀" kún un. Ìyẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ìwé kan náà ni, o rí ọwọ́ tó kọ ọ́ láìsí ààwẹ̀, o tún rí ọwọ́ tó fi ààwẹ̀ sí i. Àwòrán ojú ewé yẹn wà lórí codexsinaiticus.org, ọ̀fẹ́ ni, o lè sọ fún alàgbà yín pé kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó.

Báwo wá ni ti ìyá ẹ ṣe ní ààwẹ̀? Àwọn àdàkọ tó pọ̀ jù, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní ààwẹ̀ nínú. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ẹ̀rásímù kọ́kọ́ tẹ Májẹ̀mú Tuntun Gíríìkì jáde ní 1516, ìwé mélòó kan péré ló rí lò ní ìlú Básẹ̀lì, kò sì sí èyí tó ti ọ̀rúndún kẹrin wá nínú wọn. Ohun tó tẹ̀ yẹn ni wọ́n tún ṣe tún ṣe, ló di Gíríìkì tí Bíbélì Kíńgì Jéémíìsì ti 1611 dúró lé, Gíríìkì yẹn náà ló wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nárì nígbà tí Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ìwé Róòmù ti Crowther ti jáde ní 1850, Bíbélì odindi wá jáde ní 1884. Kódéèsì Sínáì ńkọ́? 1862 ni Tíṣẹ́ńdọ́ọ̀fù, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ̀ ẹ́ jáde fún ayé rí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì tún Májẹ̀mú Tuntun tiwọn ṣe títí di 1881, ìgbà yẹn ni wọ́n gbé "àti ààwẹ̀" kúrò nínú ẹsẹ lọ sí etí ìwé. Ohun tó wà lórí tábìlì Crowther ló túmọ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ṣe ti fóònù ẹ náà, ohun tó wà lórí tábìlì tiwọn ni wọ́n túmọ̀.

Kí n sọ ìdí tí mo fi mọ gbogbo èyí, torí mi ò kàwé pásítọ̀ o. Àbúrò mi ní wárápá. O mọ̀ pé ìtàn Máàkù 9 yẹn, ọmọ tí ẹ̀mí ń gbé ṣubú, tí ń yọ ìfófòó lẹ́nu, tí ń wa eyín pọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá wa gbé e lọ nígbà náà, ẹsẹ yìí ni wọ́n kà fún un, pé kì í jáde bí kò ṣe nípa àdúrà àti ààwẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ náà gbààwẹ̀, kí ìyá náà gbààwẹ̀, wọ́n sì ní bí wọ́n bá ń lo oògùn ọsibítù lọ́wọ́, àìgbàgbọ́ ni. Wọ́n dá oògùn dúró. Gìrì tó ń mú un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wá di ojoojúmọ́, ó ṣubú lé ààrò, apá rẹ̀ jóná. Ẹni tó bá ń lo oògùn wárápá tó sì já a dúró lójijì, dókítà èyíkéyìí á sọ fún ẹ pé gìrì lè padà, ó sì lè padà kíkankíkan. Nígbà tí gìrì náà wá ń pọ̀ sí i, èsì wọn ni pé ààwẹ̀ ò tíì tó. Ẹsẹ yìí ni wọ́n tún kà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ẹsẹ náà nìyẹn o, inú ló bí mi dé ibẹ̀.

Padà sí ọ̀rọ̀ wa. Alàgbà yín lè bi ẹ́ pé ta ló sọ pé wọ́n fi kún un, ṣé kò lè jẹ́ pé àwọn tó kọ Fatikáànù ló yọ ọ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó ń da ìwé kọ nígbà yẹn, ìjọ tó fẹ́ràn ààwẹ̀ gan-an ni wọ́n ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn tó wá kẹ́yìn tiẹ̀ jẹ́ àwọn mọ́ńkì tó ń gbààwẹ̀ léraléra. Kí ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ á fi yọ ààwẹ̀ kúrò lẹ́nu Jésù? Láti fi kún un rọrùn láti yé èèyàn, láti yọ ọ́ ló ṣòro. Ìkejì, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò mọ sí ọ̀kan. Ṣí Kíńgì Jéémíìsì sí 1 Kọ́ríńtì 7:5, ààwẹ̀ wà pẹ̀lú àdúrà níbẹ̀. Lọ sí Ìṣe 10:30, Kọ̀nílíù ní òun ń gbààwẹ̀. Wo méjèèjì nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì òde òní, àdúrà á wà níbẹ̀, ààwẹ̀ kò ní sí. Ohun kan náà ló ń tẹ̀lé àdúrà káàkiri.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí o kò nílò Gíríìkì kankan fún un. Ka Máàkù 2:18 sí 20. Wọ́n bi Jésù pé kí ló dé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbààwẹ̀, ó ní wọn kò lè gbààwẹ̀ nígbà tí ọkọ ìyàwó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n á gbààwẹ̀. Ọkọ ìyàwó náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn ní orí 9. Ó máa ṣòro díẹ̀ kó tún wá máa bá wọn wí pé wọn ò gbààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n má lọ fi àyà gbá alàgbà o. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì gbà pé ààwẹ̀ wà níbẹ̀ látilẹ̀. Àdàkọ kan tí wọ́n kọ sórí páápírù wà ní Dọ́búlìn, ti ọ̀rúndún kẹta, ìyẹn dàgbà ju méjèèjì tí mo dárúkọ lọ, ó ti ya níbẹ̀, àmọ́ àyè tó ṣẹ́ kù nínú ìlà náà jọ bíi pé ààwẹ̀ wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, tó bá ní ẹ̀rí wà lọ́wọ́ tòun náà, kò purọ́. Èyí tó fi purọ́ ni pé wọ́n ń yọ ààwẹ̀ kúrò nínú Bíbélì. Ní kó ṣí Bíbélì fóònù ẹ yẹn gan-an sí Mátíù 6:16, sí Ìṣe 13:2 àti 3, sí Ìṣe 14:23. Ààwẹ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, kò sí àdàkọ àtijọ́ tó ń bá wọn jà lórí ìwọ̀nyẹn. Ẹni tó fẹ́ pa ààwẹ̀ rẹ́ kò ní fi Mátíù 6 sílẹ̀.

Ẹ ṣì máa dé ọ̀dọ̀ Mátíù 17, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó dìjà. Nínú àwọn Bíbélì tuntun kan, ẹsẹ 20 ni, lẹ́yìn náà 22. 21 kò sí, tàbí kí wọ́n há a sáàárín àmì akámọ́. Àwọn èèyàn á fi sórí Wasáàpù pé ẹ wá wo ohun tí Sátánì ṣe. 1551 ni Robẹ́ẹ̀tì Sítẹ́fánù tó ń tẹ̀wé ní Jẹ̀nífà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà ẹsẹ sí Májẹ̀mú Tuntun, Gíríìkì irú ti Ẹ̀rásímù ló sì fi nọ́ńbà sí, nítorí náà gbólóhùn yẹn gba nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé kò sí nínú Fatikáànù, kò sì sí nínú Sínáì kí wọ́n tó tún un ṣe, wọn ò lè máa yí nọ́ńbà gbogbo ayé padà, wọ́n kàn fò ó ni. Wo ẹsẹ 20 dáadáa, Jésù ti dá wọn lóhùn níbẹ̀ pé ìgbàgbọ́ wọn ló kéré. Ìdáhùn ti pé. Ó jọ pé ẹnì kan tó mọ ti Máàkù sórí ló mú un wá síbẹ̀, tòun ti ààwẹ̀ rẹ̀.

Tó o bá tún pàdé irú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, bí mo ṣe máa ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni pé tí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú Bíbélì kan tí kò sí rárá nínú èkejì, mo máa kọ́kọ́ wo àkíyèsí kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ìwé àtijọ́ kan ní báyìí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú méjèèjì àmọ́ Yorùbá rẹ̀ ló yàtọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ olùtumọ̀ ni, ẹjọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Fóònù a máa fi àkíyèsí yẹn pa mọ́ nígbà mìíràn, o ní láti tẹ àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà kó tó yọ.

Èwo wá ni kó o gbà? Èmi ń ka ti àdúrà nìkan fún Máàkù 9:29, mo sì ń gbààwẹ̀ torí Mátíù 6. Bíbélì ìyá ẹ kò nílò àtúnṣe kankan, fi í sílẹ̀ fún un. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì yín bá fi ẹsẹ yìí sọ fún aláìsàn pé kó má jẹun, kó má sì lo oògùn, pè mí, màá wá fúnra mi.