Dọ́là ẹ̀rọ lọ́tọ̀, náírà rẹ́ǹtì lọ́tọ̀

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Aránṣọ ni mí. Mo ní 2 mílíọ̀nù ní báńkì, mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà tó ń ṣọnà sára aṣọ, ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ yẹn ń sáré jù mí lọ. Ṣé kí n kó gbogbo owó yìí sí dọ́là ni àbí kí n fi ra ilẹ̀? Rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù mi, 500,000, máa pé ní oṣù márùn-ún sí i."

Àbúrò, dúró ná. Má tíì gbé owó yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ṣẹ́ dọ́là.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ó ti lé lógún ọdún. Pépà, íńkì, pílétì, òkè òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, torí náà bí náírà bá sín, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́. Síbẹ̀ náà, mo ṣe àṣìṣe méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, èyí kejì ló jọ ohun tí ìwọ náà fẹ́ ṣe yìí.

Ní Jánúárì 2022 mo ní 2.4 mílíọ̀nù. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí mo fẹ́ rà, 2.8 mílíọ̀nù ni ọkùnrin tó ń tà á pè é, ó ku 400,000 péré. Mo ní kí owó má jókòó lásán, mo fi sí fíkísì dìpọ́sítì ní báńkì, tí mi ò ní fọwọ́ kàn títí á fi pé, ní 7% fún ọdún kan. Ọdún pé, èlé jẹ́ 168,000, wọ́n yọ owó orí 10% nínú èlé yẹn, ó ku 151,200. Inú mi dùn, mo wọ bùbá tuntun, mo gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin ẹ̀rọ lọ. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 3.7 ni báyìí o."

Kò rẹ́ mi jẹ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, dọ́là kan ń lọ ní bí 570 lọ́jà ìta, ìgbà tí mo padà dé ó ti lé ní 740. Bá mi ṣírò ẹ̀. 2.4 mílíọ̀nù ti 2022 lè ra dọ́là bí 4,200, 2.55 mílíọ̀nù tí mo gbé dé ní 2023 kò lè ra ju bí 3,440 lọ. Owó pọ̀ sí i nínú ìwé báńkì, ẹ̀rọ sì tún jìnnà sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ọkùnrin yẹn ò fi ìgbà kankan tà á ní náírà, orí dọ́là ló ti ń ṣírò ẹ̀ látilẹ̀, náírà tó ń pè fún mi, ìtumọ̀ lásán ni. Kí n tó gbára dì, oṣù kẹfà 2023 dé, ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní bí 470 ní báńkì fò kọjá 700 kí oṣù yẹn tó parí. Mo kàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wò.

Ìbẹ̀rù yẹn ló bí àṣìṣe kejì. Ní Fẹ́búárì 2024, gbogbo Ṣómólú, dọ́là ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn, àní ìyá tó ń ta ẹ̀wà fún wa náà mọ iye tó ń lọ láàárọ̀. Wọ́n ní ó máa wọ 2,500 kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé. Mo kó gbogbo owó ọwọ́ mi, owó rẹ́ǹtì wà nínú ẹ̀, mo ra dọ́là 900 ní 1,850, ìyẹn 1,665,000. Ní Épírì, lánlọ́ọ̀dù dé, ó ń bèèrè 600,000. Dọ́là ti já wá sí bí 1,130. Mo ta 500 nínú ẹ̀, mo gba 565,000, mo wá 35,000 kún un. 500 dọ́là kan náà yẹn, 925,000 ni mo fi rà á ní oṣù méjì ṣáájú. 360,000 lọ bẹ́ẹ̀, olè ò jà mí, ẹnikẹ́ni ò lù mí ní jìbìtì.

Àṣé ìbéèrè yẹn kọ́ ni "ṣé dọ́là ni àbí náírà". Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé owó kọ̀ọ̀kan yìí, kí lo fẹ́ fi san, ìgbà wo lo fẹ́ san án, tí ẹni tó máa gbà á sì bá jí láàárọ̀, kí ló fi ń ṣírò iye tó máa pè? Lánlọ́ọ̀dù ẹ, náírà ló ń bèèrè, iye ẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ fún ọdún yìí. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, dọ́là wà lórí ẹ̀.

Rẹ́ǹtì yẹn ká kọ́kọ́ mú. Fi sílẹ̀ ní náírà, ṣùgbọ́n má fi sí àkántì ìfowópamọ́ lásán. Èlé tí báńkì gbọ́dọ̀ san lórí ẹ̀, ó kéré tán, ni 30% iye èlé tí báńkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀, nígbà tí ìyẹn wà ní 27.50% ní ìparí 2024, ohun tó kàn ẹ́ jẹ́ 8.25%, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ọjà wà ní 34.80% ní Dìsẹ́ńbà ọdún yẹn. Ohun tí mò ń lò ni mọ́nì máákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn tó ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, tí wọ́n fi ń ra tí-bíìlì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ìgbà díẹ̀, àti fíkísì dìpọ́sítì ńláńlá, o lè fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan bẹ̀rẹ̀, o sì lè gbà á padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí mélòó kan. Tí-bíìlì fúnra ẹ̀, èlé ni wọ́n máa ń yọ síwájú. Bó bá jẹ́ 20% fún ọjọ́ 364, tó o bá fẹ́ gba mílíọ̀nù kan nígbà tó bá pé, bí 800,500 lo máa san lónìí, tó o bá ṣírò ẹ̀ dáadáa, èlé gidi ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25%.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ẹ́ o. Ní Máàṣì 2024 tí tí-bíìlì ọlọ́dún kan kọjá 21%, ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 33.20%, ó ṣì ń jẹ owó wa, ó kàn ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Fún owó oṣù márùn-ún, ìyẹn dára. Fún owó ọdún márùn-ún, rárá. Máa wo iye tó ń san o, torí ní oṣù kọkànlá 2020, tí-bíìlì ọlọ́dún kan kò tó 1% rárá, àwọn tó fi ojú fo ìyẹn kàn ń yá ìjọba lówó lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Kó o tó fún ilé iṣẹ́ kankan lówó, wá orúkọ wọn àti orúkọ fọ́ńdù yẹn gan-an lórí ojú ewé SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn tó ń bá èèyàn dá owó pọ̀ ṣòwò. Ẹni tó bá ní òun máa san 10% lóṣooṣù, mo ti fún irú wọn ní 200,000 rí ní 2020, oko adìẹ ni wọ́n ní àwọn fi ń ṣe, mi ò rí adìẹ, mi ò rí ẹyin.

Apá kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà kún ìfowópamọ́, ọjà tó o máa lò náà ni. Èmi máa ń ra pépà sílẹ̀, torí pépà kì í dúró de náírà. Ṣùgbọ́n ní 2023 mo ṣe é ní àṣejù, mo ra èyí tó lè tó mi ọdún kan, mo tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Òjò oṣù keje rọ̀, ọ̀rinrin gun ògiri. Nígbà tí mo tú páálí ìsàlẹ̀, etí pépà ti ká kò bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, bí mo bá kó o sẹ́rọ, á fa méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, á há. Pépà tí owó ẹ̀ ti di ìlọ́po méjì ni mo ń fún oní-àkàrà. Báyìí, orí pákó ni mò ń tò ó sí, ó jìnnà sí ògiri ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan, mi ò sì kọjá ìwọ̀n oṣù mẹ́ta. Tìẹ, òwú, sípù àti láínì dúdú àti funfun ni kó o rà, èyí tó o mọ̀ pé ó ń tán lọ́wọ́ ẹ lóṣooṣù, má ra aṣọ tó wà lóde o, kó o má baà máa tà á nígbà tí àṣà ẹ̀ ti kọjá. Òwú náà, má gbé e síbi tí oòrùn ń pa, ó máa ń jẹra, á sì máa já lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ó wá ku owó ẹ̀rọ. Èyí ló yẹ kó wà ní dọ́là, àmọ́ má rà á lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn ìyà 1,850 yẹn, ọjọ́ karùn-ún oṣù ni mo fi ń ra tèmi, iye náírà kan náà, bó wọ́n bó pọ̀. Tó bá wọ́n mo rí díẹ̀, tó bá wálẹ̀ mo rí púpọ̀, mo ti yé tẹ́tí sí ìyá ẹlẹ́wà. Ṣí àkántì dọ́ọ̀mù, èyí tó ń gba dọ́là, kó o tó rà á, kó o sì bi wọ́n ní báńkì bóyá dọ́là tó o bá fọwọ́ gbé wá ṣeé fi ránṣẹ́ sókè òkun àbí kìkì kó o tún fọwọ́ gbà á jáde, torí òfin ẹ̀ máa ń yí. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì 2015 wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká fi owó dọ́là sí i mọ́, Jánúárì 2016 ni wọ́n tó ṣí i. Nígbà tó o bá ń gbà á, ọgọ́rùn-ún dọ́là olórí ńlá ni kó o gbà, ìyẹn èyí tí àwòrán orí inú ẹ̀ tóbi. Olórí kékeré, owó gidi ni, ṣùgbọ́n lọ́jà wa níbí, iye tí wọ́n máa fi rà á lọ́wọ́ ẹ kéré, àwọn kan ò ní gbà á rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ya tàbí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára.

Ilẹ̀ ńkọ́? Tí ẹ̀rọ bá jẹ́ lọ́dún yìí, ilẹ̀ ò bá ẹ mu. O ò lè gé igun kan tà nígbà tí ọkùnrin ẹ̀rọ bá pè ẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ká má tíì dárúkọ ọmọ onílẹ̀.

Tí mo bá jẹ́ ìwọ, màá fi 500,000 rẹ́ǹtì sí mọ́nì máákẹ́ẹ̀tì, màá fi 200,000 ra òwú àti láínì, màá pín 1.3 tó kù sí oṣù márùn-ún, 260,000 lóṣù, fi ra dọ́là, kí ìyókù máa dúró sínú mọ́nì máákẹ́ẹ̀tì kan náà títí oṣù ẹ̀ máa fi pé. Kó o sì pe ẹni tó ń ta ẹ̀rọ lónìí, má bèèrè náírà, bi í pé dọ́là mélòó ni, kọ ọ́ sára ògiri. Tèmi yẹn ò kúrò láàárín 4,900 sí 5,000 láti 2022 títí mo fi rà á ní 2025, èmi ni mò ń sá sókè sá sódò. Lọ́jọ́ tí mo lọ san án, ó ní kí n lọ ṣẹ́ ẹ sí náírà kí n tó san, mo ní rárá, dọ́là rèé, kà á báyìí.