Dídín síláìdì ogójì ìṣẹ́jú kù sí mẹ́wàá

"Síláìdì 24 ni mo ṣe fún ogójì ìṣẹ́jú lórí kànga ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbẹ́ ní Gwagwalada. Ìgbìmọ̀ ní Àbújá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni àwọn máa fún mi. Èwo ni kí n yọ?"

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí sínú gbólóhùn kan, kí ẹ sì dá kìkì àwọn síláìdì tí wọn kò lè fọwọ́ sí i láìrí sí: ìṣòro omi, ibi tí ẹ óò gbẹ́ sí, iye owó, àti ohun tí ẹ ń béèrè.

Bí síláìdì mẹ́ta bá ń sọ ìṣòro omi kan náà, ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sójú kan. Ẹ mú àwòrán tó lágbára jù, kí ẹ fi ẹnu sọ ìyókù. Bí ẹ bá dánra wò tí síláìdì kan yìí sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ kò tíì dà wọ́n pọ̀.

Ìtàn ẹgbẹ́ yín àti ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe ìwádìí ni kí ẹ yọ, àmọ́ ẹ má pa wọ́n rẹ́. Ẹ gbé wọn sẹ́yìn síláìdì ìkẹyìn, kí ẹ tẹ `Hide Slide` nínú PowerPoint. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ tẹ nọ́ńbà síláìdì náà àti `Enter`, yóò sì jáde.

Ìgbà tí àwọn olùgbọ́ bá fẹ́ ṣe ìpinnu ni èyí bá mu. Bí ó bá jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ kọ́ wọn ní àkọ́yanjú.