Ilẹ̀kùn kò já, owó pòórá: ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 12 ni mo ní ní Òṣogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí káńtà, ó jáde lọ jẹun ní aago méje alẹ́. Nígbà tó fi máa dé ní aago mẹ́sàn-án, 180,000 náírà ti pòórá nínú báàgì rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò já. Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe ni gbogbo ènìyàn ń nàka sí, ó sì ń sunkún pé òun kọ́. Kí ni kí n ṣe tí irú èyí ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn sinmi ná. Bí ilẹ̀kùn kò bá já, tí fèrèsé sì wà bó ṣe wà, a jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ló ṣí yàrá náà, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ tì í. Ohun tí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: kọ́kọ́rọ́ mélòó ló lè ṣí yàrá yẹn, níbo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn sí èyí, ẹ ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè dá ẹnikẹ́ni láre.

Ẹ jókòó kí ẹ kà wọ́n. Èyí tí ẹ fún àlejò wà. Èkejì rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí ọmọbìnrin yẹn fi ń wọlé tún yàrá ṣe tún wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí àlejò àtijọ́ gbé lọ tí ẹ sì ní kí oníkọ́kọ́rọ́ gé òmíràn dípò wọn. Ìyẹn wà níta títí dòní, ó sì ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn yín.

Ọ̀kan tún kù tí ọ̀pọ̀ onílé kì í rò. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí mo ti ṣe alábòójútó ní Ìbàdàn, àlejò kan dé lóru, oorun ti kún ojú rẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ yàrá 7 bọ ilẹ̀kùn yàrá 3. Ó ṣí. Obìnrin tó ń sùn níbẹ̀ figbe ta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti káfíńtà kó gbogbo kọ́kọ́rọ́, a ń gbìyànjú wọn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, a sì rí ilẹ̀kùn mẹ́rin tí kọ́kọ́rọ́ yàrá mìíràn ń ṣí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kì í gé eyín kọ́kọ́rọ́ ní oríṣi púpọ̀, nítorí náà bí ẹ bá ra páálí kan lẹ́ẹ̀kan náà, méjì nínú rẹ̀ lè jọra. Kọ́kọ́rọ́ 12 sí ilẹ̀kùn 12, ìgbìyànjú 144 ni. Kò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lọ. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ wá ra súlíńdà méjì sílẹ̀, ìyẹn irin kékeré tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ẹ má gé òmíràn, súlíńdà ni kí ẹ pààrọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kí àlejò mìíràn tó sùn níbẹ̀. Ẹ tú síkúrù kan ṣoṣo tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣe déédéé ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ yí i díẹ̀, kò ní pé yọ jáde. Èyí tí ẹ yọ, ẹ pa á mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yàrá mìíràn tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ lẹ lè lò ó fún. Ẹ má sì kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà yàrá sára kọ́kọ́rọ́ pọ̀. Ẹni tó bá rí i he lójú títì ti mọ ibi tó máa wọ̀ nìyẹn.

Orí káńtà yín ni mo wá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí káńtà fún wákàtí méjì, gbogbo ẹni tó wá ra ọtí ló lè mú un, kó lò ó, kó sì dá a padà. Inú àpótí alágádágodo ni kó máa wà, lẹ́yìn ẹni tó jókòó níbẹ̀. Ìwé kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọjọ́, aago, yàrá, ẹni tó gbà á, ìbuwọ́lùwé rẹ̀, aago tó dá a padà. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe náà á buwọ́ lù ú ní àárọ̀, á sì dá a padà kó tó lọ ilé. Ká ní ìwé yìí ti wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sì fi hàn pé ó ti dá tirẹ̀ padà láago mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ì bá ti parí. Èkejì kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, inú àpòòwé ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ buwọ́ lù ú sójú ibi tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ẹ máa mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá, ẹ bi í ní orúkọ tó fi wọlé, ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un. Aṣọ rẹ̀ tó dára kì í ṣe káàdì.

Ní ti àwọn tó ń bẹ àlejò wò, ẹ má sọ nọ́ńbà yàrá fún wọn láé. Ẹ pe àlejò lórí fóònù, kó sọ̀ kalẹ̀ wá mú ẹni rẹ̀. Orúkọ, aago ìwọlé, aago ìjáde, gbogbo rẹ̀ á wà nínú ìwé. Ẹ mú àkókò kan, bí aago mẹ́wàá alẹ́; ẹni tó bá kọjá rẹ̀ á forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn, àbí kó lọ. Ní oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí èrò kún gbogbo ìlú, ni òfin yìí máa ń ṣòro jù, ìgbà yẹn gan-an ló sì wúlò jù. Bí àgbàlagbà bá mú ọmọdé wá tí kò lè ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ sí i, ẹ má fún wọn ní yàrá, ẹ pe ọlọ́pàá tàbí 112.

Nǹkan tí àlejò bá gbàgbé, ẹ kọ ohun tí ojú rí nìkan: “òrùka aláwọ̀ wúrà”, kì í ṣe “òrùka wúrà”, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bèèrè wúrà lọ́wọ́ yín lọ́la. Ènìyàn méjì ni yóò ka owó pọ̀, wọn á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpòòwé. Bí ẹ bá fẹ́ pe àlejò náà, nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ pè, kí ẹ sì rí i dájú pé òun gan-an ló ń gbọ́ yín. Ẹ má pe ilé rẹ̀. Ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lè má mọ̀ pé ó sùn lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá wá gbà á, kó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ kí ẹ tó mú un jáde.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ṣì ṣeé kọ. Ẹ lo ìwé ẹlẹ́yìn líle tí ẹ ti kọ nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ya ewé kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ìlà kan ni kí ẹ fà lé e. Ẹ má kọ “wọ́n jí owó”, torí ẹ ò rí i. Ẹ kọ báyìí: “Àlejò yàrá 5 sọ pé òun fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí káńtà ní nǹkan bí aago 7:00 alẹ́. Ó padà ní aago 9:00, ó sì sọ pé òun kò rí 180,000 náírà. Kò sí àpá lára ilẹ̀kùn.” Ẹ kọ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ẹ ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ ń kọ ọ́ gan-an, ẹ má dọ́gbọ́n fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí i. Bí àlejò bá fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ bá a lọ. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa san owó náà, ẹ má sì sọ pé irọ́ ló ń pa.

Ọmọbìnrin yẹn náà á sọ tirẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, láìsí ẹni tó ń pariwo mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kó kà á kó tó buwọ́ lù ú. Bí kò bá lè kà á, ẹ kà á sí i létí níwájú ẹnì kan tó fọkàn tán.