Bí Mo Ṣe Ń Pín Ọ̀sẹ̀ Mi fún Oníbàárà Mẹ́ta

*“Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí. Oníbàárà mẹ́ta ni mo ní báyìí, kálukú wọn ló sì ń pè mí nígbà tó bá wù ú. Ọjọ́ Ajé máa ń dára, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di Ọjọ́rú, n kò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́, n kò sì rí àyè wá iṣẹ́ tuntun rárá. Báwo lẹ ṣe ń ṣètò ọ̀sẹ̀ yín?”*

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni èmi ń ṣe, láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, nínú ilé mi ní Bódìjà níbí. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún èmi náà: ilé iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń fi ìwé ìlera ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ rédíò kan nígboro Ìbàdàn tí mo ń bá túmọ̀ ìpolówó ọjà, àti atẹ̀wétà kan ní Òkè-Àdó tí mo ń bá yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Àṣìṣe tí mo fi ọdún méjì ṣe ni pé mo gbà pé wákàtí 40 ni mo ní lọ́sẹ̀, mo sì ń gba iṣẹ́ tó tó wákàtí 40. Ìgbà tí ojú mi já a ni mo ra ìwé kékeré kan, tí mo sì ń kọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tí mo dìde sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ṣe, ìyẹn iṣẹ́ tí ọkàn ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ pátá, kò ju wákàtí 20 lọ ní ọ̀sẹ̀ tó dára jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ímeèlì, ìpè, owó tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó jẹ mí, àti jẹnẹrétọ̀ tí mo ń dìde lọ tàn ló gba ìyókù. Nítorí náà, kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ iye wákàtí tí ẹ ní ní ti gidi. Tèmi jẹ́ 19 àti ààbọ̀: wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àti wákàtí mẹ́ta péré ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Nínú rẹ̀, 16 nìkan ni mo ń tà. Mẹ́ta àti ààbọ̀ tó kù, mo fi í pamọ́ fún iná tó bá lọ àti fún iṣẹ́ tí wọ́n bá dá padà pé kí n tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìpè ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀sẹ̀ yín ti ń ya. Ìwé kékeré yẹn fi hàn mí pé ìpè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá bọ́ sí àárín òwúrọ̀ máa ń gbà tó wákàtí kan àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ mi. Ó kù bí ogún ìṣẹ́jú kí aago ìpè tó lù, n kò ní lè dáwọ́ lé ìpínrọ̀ tuntun mọ́. Tí a bá sì parí rẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí n tó rántí ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ kan tí mo sì fi òmíràn sílẹ̀. Àdánù wákàtí kọ́ ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ní ọjọ́ kan, mò ń túmọ̀ ìwé pélébé tó sọ bí a ṣe ń lo oògùn, mo ti kọ “ẹ lò ó” tán, mò ń ronú bí màá ṣe parí gbólóhùn náà, ni fóònù mi dún. Nígbà tí mo padà dé, mo kọ “lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta”. Ohun tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ni “lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́”. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò ló rí i. Tí kò bá rí i ńkọ́?

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìpè mi ti di ti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láàárín aago 2 sí aago 4 àti ààbọ̀, mo sì ń tò wọ́n tẹ̀ léra kí àdánù náà lè jẹ́ ẹyọ kan. Mo yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí pé mo ti wọnú iṣẹ́ nígbà náà, mo sì ti ní ìbéèrè gidi tí mo fẹ́ béèrè. Mo yan Ọjọ́bọ̀ nítorí pé ó ṣì ku ọjọ́ kan kí n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tí ìyípadà kan bá sì wà, ó ṣì ṣe é ṣe. Láàárín ìpè kan sí èkejì, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, kí ẹ fi kọ ohun tí ẹ fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí oníbàárà náà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọn kò bá rí ní àkọsílẹ̀, wọn á tún pè yín béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má sọ fún oníbàárà pé ẹ kò ráyè. Ẹ fún un ní ìgbà méjì kó mú ọ̀kan: “Ìṣẹ́gun aago 2, tàbí Ọjọ́bọ̀ aago 3, èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn?” Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù gbà á kíákíá. Atẹ̀wétà ti Òkè-Àdó ni kò rọrùn, nítorí pé àgbàlagbà ni, bó bá sì ti pè, a gbọ́dọ̀ kí ara wa tọmọtọmọ kó tó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ènìyàn kò lè wo ìpè irú bàbá bẹ́ẹ̀ kó sì dákẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú fóònù mi tí mo kàn ń tẹ̀ ránṣẹ́: “Ẹ káàárọ̀ sà. Mo rí ìpè yín, iṣẹ́ ló ká mi mọ́. Màá pè yín láago 2 ọ̀sán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun sà.” Tó bá sì di aago 2, èmi ni mo máa ń pè é, pẹ̀lú káàdì mi. Láàárín oṣù méjì, òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé kó dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé iṣẹ́ rédíò nìkan ni n kò rí mú wọ inú ètò yìí tán, nítorí pé ìpolówó òkú tàbí ti ìpàdé ọ̀la kò ṣe é dá dúró. Owó irú èyí yàtọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìdajì ni mo ń fi lé e, ọ̀sán ni mo sì máa ń ṣe é.

Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ bá wà lókè òkun tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ aago. Àwa kì í yí aago wa padà, àwọn ń yí tiwọn. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ẹrẹ́nà títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ọ̀wàrà, aago kan náà ni Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Ní ìyókù ọdún, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Mo ní ìpè aago 1 tiwọn, tí í ṣe aago 2 tèmi, ní gbogbo ìgbà òtútù wọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yí aago lóṣù Ẹrẹ́nà, mo jókòó ní aago 2 gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, àṣé ìpàdé ti parí. Ní báyìí, aago méjèèjì ni mo ń kọ sínú ímeèlì tí a bá fi dá àkókò.

Ní ti wíwá iṣẹ́ tuntun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi í sí, láti aago 10:45 di aago 12, lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀ àti ṣáájú ìpè. Tí ẹ bá fi í sí ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ á jẹ ẹ́. Lẹ́tà méjì sí ẹni tuntun àti ìránnilétí mẹ́ta sí àwọn tí mo ti kọ̀wé sí tẹ́lẹ̀, ó tó. Mo máa ń mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ilé iṣẹ́ náà ti gbé jáde, màá túmọ̀ rẹ̀, màá sì fi sínú lẹ́tà náà, kí wọ́n lè rí ọwọ́ mi lára ọjà tiwọn. Ẹ má dúró kí iṣẹ́ tán kí ẹ tó kọ̀wé. Nínú lẹ́tà 38 tí mo kọ lọ́dún tó kọjá, márùn-ún ló di iṣẹ́; èyí tó yá jù gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó pẹ́ jù gba oṣù márùn-ún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àpò gbẹ yóò fi oṣù kan tàbí méjì wo ògiri. Tí ọwọ́ yín bá kún, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sínú lẹ́tà náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó máa ń dà yín rú ní Ọjọ́rú. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ní aago 3, ni mo ti máa ń ṣírò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn ṣì wà ní ọ́fíìsì tí mo lè bá dúnàádúrà. Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́rin ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mo ń túmọ̀ 400 ọ̀rọ̀ ní wákàtí kan, mo sì ń tún 1,000 kà ní wákàtí kan, nítorí náà ìtumọ̀ gba wákàtí 10, àtúnkà gba mẹ́rin. Rédíò ní ìpolówó mẹ́rin, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di wákàtí mẹ́ta. Atẹ̀wétà ní ojú ìwé 30, mẹ́fà ní wákàtí kan, ó di márùn-ún. Àpapọ̀ jẹ́ wákàtí 22, bẹ́ẹ̀ 16 ni mo ní fún títà.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni màá gbà gbogbo rẹ̀, tí màá sì máa fi òru dí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ lè yẹ̀. Ìwé ìlera ní ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ń dúró dè, ìpolówó ní ọjọ́ tí wọn yóò kà á, ṣùgbọ́n ìwé atẹ̀wétà kò ní wọ ilé ìtẹ̀wé títí oṣù yóò fi parí. Mo pe bàbá náà ní aago 3 àti ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn ìkíni mo bẹ̀ wọ́n pé kí n gbé ojú ìwé 30 náà lọ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì dá ọjọ́ Ajé ọ̀hún ní pàtó. Wákàtí tó kù di 17. Mo yọ ẹyọ kan nínú mẹ́ta àti ààbọ̀ tí mo fi pamọ́, ó ku méjì àti ààbọ̀.

Ní Ọjọ́rú, iná lọ láago 8, ínfátà náà kò sì gba agbára tó lóru, mo pàdánù wákàtí kan. Ní Ọjọ́bọ̀, Lọ́ńdọ̀nù yí ọ̀rọ̀ mẹ́ta padà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wọn lórí ìpè, mo sì fi wákàtí kan wá wọn jáde káàkiri ìwé náà. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì ní aago 11 àti ààbọ̀, ìdajì wákàtí ló kù nínú èyí tí mo fi pamọ́. Kí aago 12 tó lù, bàbá Òkè-Àdó ti pè. Kò béèrè iṣẹ́ rárá. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì rántí ọjọ́ Ajé.