Ọwọ́ Ta Ni Iṣẹ́ Náà Ti Wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Súpáfáísọ̀ ni mí ní ilé búrẹ́dì kan ní Òṣogbo, mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo mọ ìtumọ̀ jọ́ọ̀bù róteṣọ̀n, ẹnláájìmẹ́ǹtì àti ẹnríṣímẹ́ǹtì lórí, àmọ́ tí wọ́n bá ti kọ ọ́ bí ìtàn nínú ìdánwò, èyí tí kì í ṣe ni mo máa ń mú. Ó ti wá wọ ibi iṣẹ́ wa báyìí. Ọ̀gá ní kí ẹni tó ń gé búrẹ́dì máa dì í sí náílọ́ọ̀nù, kó sì tún máa kà á sínú kéréètì. Ọ̀gá ní ẹnríṣímẹ́ǹtì lòun ṣe yẹn, ọmọ náà sì ń kùn. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ọmọ náà ló jàre. Ẹnláájìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá yín ṣe. N ó máa pe ìyẹn ní fífẹ iṣẹ́ lójú, kí n máa pe róteṣọ̀n ní pípààrọ̀ àyè, kí n sì máa pe ẹnríṣímẹ́ǹtì ní mímú iṣẹ́ jinlẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ọ̀rọ̀ fífẹ̀ àti jíjìn ni, torí agbada lè fẹ̀ bí ẹní kí omi inú rẹ̀ má mu ọmọ ìka.

Ohun tó ń mú kí ẹ ṣìnà ni pé iye iṣẹ́ lẹ ń wò. Ẹ rí i pé nǹkan ti pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ sì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti níyì sí i. Ẹ fi iye sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bi ìtàn náà: ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ yìí, ọwọ́ ta ló ti wá?

Tó bá wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ tirẹ̀ àtijọ́ ò sì kúrò níbẹ̀, wọ́n fẹ iṣẹ́ náà lójú ni. Tó bá wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbà á, wọ́n pààrọ̀ àyè ni. Tó bá wá láti ọwọ́ ọ̀gá, tó jẹ́ pé ìpinnu, àyẹ̀wò tàbí ètò tí ọ̀gá ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ti òṣìṣẹ́, nígbà náà ni iṣẹ́ jinlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ilé búrẹ́dì. Ẹni tó ń gé búrẹ́dì ń dì í, ó sì ń kà á. Ta ló ń dì í tẹ́lẹ̀? Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tábìlì kejì. Ṣé ó ti dáwọ́ gígé dúró ni? Rárá. Fífẹ iṣẹ́ lójú nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ká sọ pé ẹ ní kí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun lọ sídìí òṣùwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ti ìdí òṣùwọ̀n lọ máa to páànù, kí ẹni tó ń to páànù wá máa po ìyẹ̀fun, àyè ni wọ́n pààrọ̀ yẹn. Iṣẹ́ kankan ò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn èèyàn ló yí. Ẹ wá wo onílé ààrò. Tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pè yín kẹ́ ẹ wá wò ó kó tó kó búrẹ́dì jáde, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ pé ó ti jinná. Bẹ́ ẹ bá sọ fún un pé láti òní lọ, òun ni yóò máa dá ìgbà tó ń kó o jáde mọ̀, pé ó lè dá ìyẹ̀fun pípò tí kò tíì wú tó padà, pé nọ́ńbà tirẹ̀ ni yóò wà lára búrẹ́dì tó bá yan, tí oníbàárà bá sì ráhùn, òun ni ẹ máa pè kó wá gbọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀. Àbí ẹ ò rí i pé iye iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lé rárá? Ó tiẹ̀ dín kù, torí kò ní máa sáré wá pè yín mọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo àwọn tó kù lọ, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jókòó sínú ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Onímọ̀ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frederick Herzberg ló sọ ọ́ lọ́dún 1968. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, àwọn obìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa dáhùn lẹ́tà àwọn tó ra ṣíà ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n kàwé, àmọ́ iṣẹ́ náà ti sú wọn. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kó àbá jọ nípa bí wọ́n ṣe lè tún iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn kan kúrò nínú rẹ̀.

Àbá kan ní kí àwọn obìnrin náà máa fúnra wọn tẹ lẹ́tà tí wọ́n bá kọ. Wọ́n yọ ọ́. Òmíràn ní kí wọ́n máa lọ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó irú oníbàárà mìíràn, kí wọ́n tó padà sí tiwọn. Wọ́n yọ ìyẹn náà. Ẹ fi ìbéèrè wa wò wọ́n: títẹ lẹ́tà wá láti ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé, fífẹ iṣẹ́ lójú ni. Lílọ sí ẹ̀ka míràn, pípààrọ̀ àyè ni. Herzberg kò fi ọ̀wọ̀ wọ̀ wọ́n rárá. Ó ní èyí àkọ́kọ́ dà bí ìgbà téèyàn fi òdo kún òdo, èkejì sì dà bí ìgbà téèyàn gbé òdo kan sílẹ̀ kó lè gbé òmíràn. Mo rò pé ó le jù níbẹ̀, n ó sì padà síbẹ̀.

Èyí tí wọ́n mú lò rèé. Tẹ́lẹ̀, súpáfáísọ̀ ló ń fọwọ́ sí gbogbo lẹ́tà. Wọ́n ní kí ẹni tó kọ lẹ́tà fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, gbogbo lẹ́tà ni wọ́n ń tún kà yẹ̀wò. Fún àwọn tó ti mọṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan nínú 10. Lẹ́tà kì í gba orí tábìlì súpáfáísọ̀ kọjá mọ́, ó ń lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n sì yan àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ kan tàbí òmíràn, kí àwọn tó kù máa kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó lọ bá ọ̀gá. Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ súpáfáísọ̀ wá.

Kò kọ́kọ́ dára o. Iṣẹ́ wọn lọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó gòkè kọjá ti ìsọ̀rí tí wọn ò yí iṣẹ́ wọn padà láàárín oṣù mẹ́fà. Ohun tí yóò sì kan ẹ̀yin gan-an ni pé ara àwọn súpáfáísọ̀ ni ìpọ́njú ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọ́kọ́ hàn. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ara wọn níyì, ìyẹn kíka iṣẹ́ ọmọ ẹlòmíì yẹ̀wò, ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ìtàn ìdánwò, tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú ọ̀gá ń korò torí iṣẹ́ òun ti dín kù, àmì ìjìnlẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń kùn pé iṣẹ́ pọ̀, owó ò pọ̀, bíi ti ọmọ yín yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé fífẹ iṣẹ́ lójú ni.

Níbo ni ìdánwò ti ń mú èèyàn? Ibi tí mo ti rí i jù ni ọ̀rọ̀ náà "ojúṣe". Olùkọ́ á kọ ọ́ pé "wọ́n fún un ní ojúṣe tuntun mẹ́ta", akẹ́kọ̀ọ́ á sáré mú ẹnríṣímẹ́ǹtì. Ẹ ka ojúṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá jẹ́ gbígbá ilẹ̀, kíka kéréètì àti fífọ páànù, ojúṣe lásán ni orúkọ rẹ̀. Ibì kejì ni ẹ̀kọ́. Ẹni tó pààrọ̀ àyè á kọ́ ohun tuntun lóòótọ́, àmọ́ ìmọ̀ tó pọ̀ sí i kò sọ pé àṣẹ pọ̀ sí i. Ibì kẹta le díẹ̀: wọ́n lè sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ márùn-ún ń pààrọ̀ àyè láàárín ara wọn, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló ń pinnu ẹni tó máa lọ síbo àti ọjọ́ tó máa lọ. Níbẹ̀, àyè tí wọ́n ń pààrọ̀ kọ́ ni kókó. Ṣíṣètò ẹni tó lọ síbo jẹ́ iṣẹ́ súpáfáísọ̀, ó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ti jinlẹ̀. Ohun tí ìtàn náà bá tẹnu mọ́ ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tó wà nínú ìwé àtijọ́ dààmú yín. Ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Endicott, ìpínlẹ̀ New York, ní àwọn ọdún 1940 sí 1949, wọ́n fi títo ẹ̀rọ àti yíyẹ iṣẹ́ wò kún iṣẹ́ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ. Ẹnláájìmẹ́ǹtì ni wọ́n pè é nígbà náà. Lójú tèmi, apá kan rẹ̀ ti wọ ìjìnlẹ̀, torí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò ló ń sọ bóyá ó dára. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó ń ya àwọn orúkọ náà sọ́tọ̀ bí ìdánwò yín ṣe ń yà wọ́n lónìí.

Mo ní Herzberg le jù. Pípààrọ̀ àyè ní iṣẹ́ tirẹ̀. Apá ẹni tó ń gbé páànù gbígbóná látàárọ̀ ń fẹ́ ìsinmi, tí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun bá sì ṣàìsàn, ẹ nílò ẹni tó lè dípò rẹ̀. Àwọn báńkì náà ń yí òṣìṣẹ́ kúrò ní kántà kan sí òmíràn, torí ẹni tó bá wá jókòó sípò ẹlòmíì lè rí ohun tó fara pamọ́ nínú ìwé. Ẹ kàn má retí pé yóò mú iṣẹ́ wu ẹni tí iṣẹ́ ti sú.

Ní ti ọmọ yín, ẹ lè sọ fún ọ̀gá pé ohun díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di òótọ́. Kí ẹni tó ń dì búrẹ́dì ní àṣẹ láti yọ èyí tó jóná tàbí tó là sọ́tọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Kó máa fúnra rẹ̀ kọ iye tó yọ àti ìdí rẹ̀ sójú pátákó, kó sì máa bá onílé ààrò sọ̀rọ̀ tààrà nípa rẹ̀. Iye tí wọ́n ń yọ lè kọ́kọ́ gòkè. Ẹ má sáré gba àṣẹ náà padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ máa wo pátákó náà: bí ìdí kan náà bá ń padà wá, ọ̀rọ̀ ààrò tàbí ti ìwúkàrà ni, kì í ṣe ti ọmọ. Kẹ́ ẹ sì bi í léèrè kẹ́ ẹ tó fún un. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé owó iṣẹ́ tó pọ̀ sí i ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ìpinnu, bí ó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni iṣẹ́ ẹni méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá ọ̀gá sọ.